Hobbes, Locke àti Rousseau: ta ló fún ìjọba láṣẹ lórí wa?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìgbógbó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Ìdánwò wa ti sún mọ́lé. Mo fẹ́ mọ ohun tí Hobbes, Locke àti Rousseau, àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí ilẹ̀ Yúróòpù, rí tí wọ́n fi gbà pé ìjọba lẹ́tọ̀ọ́ láti máa pàṣẹ fún wa, àti ìdí tí ọ̀rọ̀ wọn kò fi bára mu lórí ìwà ẹ̀dá. Ohun tí mo há sórí kò ju pé Hobbes ní èèyàn burú, Rousseau ní èèyàn dára, Locke wà láàárín. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá dára, kí la tún ń fi ìjọba ṣe?

Tísà_Fẹ̀yìntì_Ìjẹ̀dé

Ọmọ mi, pa ohun tó o há sórí yẹn rẹ́ ná. Òun ni wọ́n ń kọ́ yín, òun náà ló ń dà yín láàmú. Hobbes kò nílò kí èèyàn burú kí àlàyé rẹ̀ tó dúró. Ohun tó nílò kò ju pé kí ẹnì kan má mọ ohun tó wà nínú ẹnì kejì.

Ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1651 ń jẹ́ Lefiatani, ẹranko abàmì inú ìwé Jóòbù orí 41, èyí tí kò sí irú rẹ̀ lórí ilẹ̀. Ní orí 13 ìwé náà, ó ní ọgbọọgba ni gbogbo wa tó bá di ọ̀rọ̀ ikú, nítorí ẹni tí kò lágbára rárá lè pa akọni tó bá ti sùn, tàbí kó kó èèyàn jọ lé e lórí. Lẹ́yìn náà ló wá ka ohun mẹ́ta tó ń dá ìjà sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ohun kan náà lèmi àti ìwọ ń lé. Ìkejì ni pé ọkàn mi kò balẹ̀ sí ọ. Ìkẹta ni iyì, pé mi ò fẹ́ kí o fojú di mí. Ìkejì yẹn ni kó o dì mú. Tí mi ò bá mọ̀ bóyá o máa kọlù mí, tí kò sì sí ẹni tí màá ké sí, á dà bíi pé ọgbọ́n ni kí n tètè kọlù ọ́. Ìwọ náà á ro irú rẹ̀ nípa mi. Àwa méjèèjì lè jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́ o.

Ẹni tó bá wà ní Ìkòròdú ní 2016 sí 2017 kò nílò àlàyé púpọ̀. Ìgbà àwọn apànìyàn Badoo ni mò ń wí. Wọ́n ń wọlé onílé lóru, wọ́n ń fi ọmọ ọlọ fọ́ orí tọkọtaya àtọmọ. Nígbà tí ọkàn àwọn ará àdúgbò kò balẹ̀ mọ́ pé ẹnikẹ́ni á gbà wọ́n sílẹ̀, wọ́n ti géètì, àwọn ọ̀dọ́ gbé àdá, wọ́n ń ṣọ́ òru. Ó wá di pé wọ́n ń lu ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ pa, nítorí pé ó jẹ́ àjèjì, ó sì rìn lásìkò tí kò yẹ. Wo ẹni tó gbé àdá yẹn dáadáa. Baba ọlọ́mọ ni. Lọ́sàn-án, á júwe ọ̀nà fún àjèjì yẹn. Ohun tó ń fẹ́ kò ju kí ilẹ̀ mọ́ bá òun àtàwọn ọmọ òun láàyè. Ṣùgbọ́n lóru yẹn, tó bá jẹ́ kí àjèjì náà kọjá, tó sì jẹ́ òun gan-an ni apànìyàn, ó ti pa ilé ara rẹ̀. Kò ráyè ṣèwádìí. Ìpànìyàn tó tìdí ẹ̀ jáde kò wá láti inú ìkà rẹ̀, láti inú àìmọ̀ ló ti wá.

Hobbes mọ̀ pé wọ́n á sọ pé òun ń ba èèyàn jẹ́. Ó wá béèrè pé: tó o bá ń rìnrìn àjò, ṣé o kì í mú ohun ìjà dání? Tó o bá fẹ́ sùn, ṣé o kì í ti ilẹ̀kùn? Nínú ilé rẹ gan-an, ṣé o kì í ti àpótí rẹ? Bẹ́ẹ̀, òfin wà níta o, àwọn tí ìjọba yàn wà níta. Kí lo wá rò nípa aládùúgbò rẹ tó o fi ti ilẹ̀kùn, kí lo rò nípa àwọn ọmọ rẹ tó o fi ti àpótí?

Ìdí tó fi gba ìjọba láyè nìyẹn. Àwa tí ẹ̀rù ń bà wá jọ sọ fún ara wa pé, "Mo jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ mi láti dájọ́ fún ara mi sọ́wọ́ ẹni yìí, bí ìwọ náà bá jọ̀wọ́ tìrẹ." Ṣàkíyèsí pé láàárín àwa ará ìlú ni àdéhùn náà wà. Aláṣẹ kò sí nínú rẹ̀, kò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè ní ó da àdéhùn. Ibi tó ti le jù nínú ọ̀rọ̀ Hobbes nìyẹn, ibẹ̀ sì ni Locke ti máa gbá a mú.

Ọmọ_Ìta_Ẹlẹ́wà

Tísà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ẹrú ọba ni Hobbes. Òun ló kọ́ ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní ìṣirò nígbà tí wọ́n sá lọ sí Párísì, ó wá kọ ìwé láti fi gbè sẹ́yìn ọba. Àwa Yorùbá ní àdéhùn tó sàn ju tiẹ̀ lọ. Aláàfin tó bá ṣi agbára lò, Ọ̀yọ́ Mèsì á ní kó ṣígbá wò, ó parí. Kí la wá ń lọ kọ́ lọ́dọ̀ òyìnbó?

Tísà_Fẹ̀yìntì_Ìjẹ̀dé

Ìdajì rẹ̀ tọ̀nà. Lóòótọ́ ló kọ́ ọmọ ọba, ẹni tó wá jẹ Charles Kejì. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ torí kó lè dùn mọ́ ọba ló ṣe kọ Lefiatani, iṣẹ́ yẹn kò yọrí sí rere. Àwọn ọmọlẹ́yìn ọba gan-an ni inú bí jù. Àwọn ní tiwọn gbà pé Ọlọ́run ló fi ọba jẹ. Hobbes wá ń sọ pé láti ọwọ́ àwa ará ìlú ni àṣẹ ti wá, àti pé ìgbọràn wa sí aláṣẹ kò ju ìgbà tó bá lágbára láti dáàbò bò wá. Ọba tí wọ́n ti lé kúrò nílùú, ààbò wo ló fẹ́ ṣe? Ilé ọba tì í síta, ó sì padà sí Lọ́ńdọ̀nù, lábẹ́ àwọn tó bẹ́ bàbá ọmọ ọba yẹn lórí ní 1649. Nígbà tí ọba padà sórí oyè pàápàá, àwọn aṣòfin ṣì fẹ́ mú ìwé rẹ̀ mọ́ àwọn ìwé tí kò ka Ọlọ́run sí, ní 1666.

Ti Ọ̀yọ́ Mèsì, mo fẹ́ràn àpẹẹrẹ yẹn, ṣùgbọ́n má dúró ní ìdajì ìtàn. Gáà di Baṣọ̀run ní 1754. Ogún ọdún ni ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ fi wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń fi àṣà tó o yìn yẹn ran ọba lórí ọba sọ́run, kí Abíọ́dún tó ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774. Hobbes ì bá rẹ́rìn-ín. Ohun tó sọ ni pé bó o bá fi onídàájọ́ lé aláṣẹ lórí, onídàájọ́ yẹn ti di aláṣẹ nìyẹn, ìwọ sì máa wá ẹni tó máa dá a lẹ́kun. Nígbà tí Gáà wà, ta ni ọba ní Ọ̀yọ́ gan-an?

Ọmọ_Ìta_Ẹlẹ́wà

Ọ̀yọ́ ṣì bọ́ lọ́wọ́ Gáà, Tísà. Àwọn èèyàn dìde sí i. Tó bá jẹ́ ti Hobbes ni, wọn ò gbọ́dọ̀ dìde láé.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìgbógbó

Ẹ ṣé gan-an, sà. Ṣé Locke náà gbà pé àìmọ̀kan nípa ara wa ló dá ìjà sílẹ̀ ni? Àti pé, sà, ṣé Hobbes ní kí èèyàn dákẹ́ kí ìjọba pa á ni?

Tísà_Fẹ̀yìntì_Ìjẹ̀dé

Rárá, kò ní kí o dákẹ́. Ó ní kò sí àdéhùn tó lè mú kí o gbà kí wọ́n pa ọ́, nítorí torí ẹ̀mí rẹ lo ṣe wọ àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá wá gbé ọ lọ sí ibi ikú, o lè jà, o lè sá. Ṣùgbọ́n ti ara rẹ nìyẹn. Kò fún ọ láyè láti kó èèyàn jọ kí ẹ lọ yọ ìjọba torí pé ó ń nini ẹlòmíì lára.

Ó yá, Locke. Gbé òru Badoo yẹn kan náà fún un, ibòmíràn ni á tẹjú mọ́. Á ní àwọn tó ń ṣọ́ àdúgbò mọ̀ dájú pé ìpànìyàn kò dára, kò sí ìjọba tó ní láti kọ́ wọn. Làákàyè tí Ọlọ́run fún wọn ti sọ fún wọn pé kí ẹnikẹ́ni má ṣèpalára fún ẹ̀mí, ìlera, òmìnira tàbí dúkìá ẹlòmíì. Á tún ní wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti fìyà jẹ apànìyàn, ìjọba ì báà wà, ì báà má sí. Kí ló wá bàjẹ́? Ẹni tí ara ń ta ló jókòó sórí àga ìdájọ́. Ẹni tí wọ́n pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lánàá kò lè wọn ìyà bó ṣe yẹ. Ìfẹ́ ara ẹni á mú un gbè sẹ́yìn ara rẹ̀, ìbínú á mú un ṣe àṣejù.

Nítorí náà ohun mẹ́ta ló ní kò sí níbi tí kò bá sí ìjọba: òfin tí a gbé kalẹ̀ tí gbogbo èèyàn mọ̀, adájọ́ tí kò ní ẹ̀gbẹ́ kankan nínú ọ̀ràn, àti agbára tó máa mú ìdájọ́ ṣẹ. Ìjọba wà láti pèsè mẹ́ta yẹn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀tọ́ ti wà lọ́wọ́ wa kí ìjọba tó dé, a kàn fi ìdájọ́ sí i níkàáwọ́ ni, bí ìgbà tí ẹbí bá fi dúkìá sọ́wọ́ alámòójútó. Alámòójútó tó bá ń kó dúkìá jẹ, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi àwọn tó fara mọ́ ọba alágbára-má-bi-mí ṣe yẹ̀yẹ́: ó ní ṣé èèyàn gọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí á sá fún ẹ̀tà àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, tí á wá gbà kí kìnnìún pa òun jẹ, tí á tún máa pè é ní ààbò?

Wọ́n á sọ fún ọ pé àsìkò wọn ló yàtọ̀, òótọ́ sì ni. Hobbes rí ogun abẹ́lé. Ní ti Locke, ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí wọ́n bẹ́ ọba lórí, ṣùgbọ́n nígbà tó dàgbà, ọba ló ń lé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kiri. Ó sá lọ sí Họ́lándì ní 1683, ó padà ní 1689, ìwé rẹ̀ lórí ìjọba sì jáde lọ́dún kan náà láìfi orúkọ sí i.

Ṣùgbọ́n bó o bá fi mọ sí àsìkò, o ṣì wà lójú àgbàlá. Nínú ilé gan-an, ohun tí wọ́n ń jà sí ni bóyá làákàyè lè parí ìjà. Locke gbà pé àwa méjèèjì mọ ohun tó tọ́, ojúsàájú ló ń dí wa lójú. Hobbes ní rárá. Ní orí 5 Lefiatani, ó ní tí ìjà bá dé, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan á máa pariwo pé ọ̀dọ̀ òun ni làákàyè wà. Àfi kí wọ́n jọ fẹnu kò láti mú làákàyè ẹnì kan gẹ́gẹ́ bí òdiwọ̀n. Lójú rẹ̀, onídàájọ́ kì í ṣe ẹni tó wá sọ ohun tó tọ́ tí gbogbo wa ti mọ̀. Ohun tó bá wí gan-an ló di èyí tó tọ́ láàárín wa. Bí Locke bá tọ̀nà, ará ìlú lè wo ìdájọ́ ìjọba kí wọ́n sì mọ̀ pé kò tọ́. Bí Hobbes bá tọ̀nà, ẹni tó ń sọ pé ìjọba ṣìnà ti padà sí òru tí oníkálukú ń dájọ́ fúnra rẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Òdogúnyàn

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Inú mi dùn pé ẹ mẹ́nu ba ìṣọ́ àdúgbò, torí ó ń jẹ mí lọ́kàn. Ayálégbé ni mí. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ní kí n máa san owó ọlọ́dẹ lóṣooṣù. Mi ò sí ní ìpàdé tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, mi ò fọwọ́ sí ìwé kankan. Nígbà tí mo ní mi ò san, wọ́n ti géètì mọ́ mi lóru, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni mo sùn. Àwọn Locke yín yìí, ṣé wọ́n ní kí n san ni àbí kí n má san?

Tísà_Fẹ̀yìntì_Ìjẹ̀dé

Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ọ̀rọ̀ ìjọba ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ti ẹgbẹ́ onílé, ṣùgbọ́n ibi tó ti ń dùn yín yẹn gan-an ló dun Locke. Ó ti ní kò sí ẹni tó wà lábẹ́ ìjọba bí kò ṣe nípa ìyọ̀ǹda ara rẹ̀. Wọ́n wá bi í pé ìgbà wo lèmi yọ̀ǹda? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé èèyàn lè yọ̀ǹda láìsọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ níbẹ̀ ti yọ̀ǹda, ẹni tó wọ̀ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ti yọ̀ǹda, kódà ẹni tó kàn ń rìn kọjá lójú títì ti yọ̀ǹda láti pa òfin ibẹ̀ mọ́ níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà níbẹ̀. Bí ẹ ṣe ń gba géètì yẹn wọlé, lójú Locke, ẹ ti fọwọ́ sí i nìyẹn.

David Hume, ará Skọ́tíláńdì, fọ́ ọ̀rọ̀ yìí túútúú ní 1748. Ó ní ẹ lè wí bákan náà pé ẹni tí wọ́n gbé sínú ọkọ̀ ojú omi nígbà tó ń sùn ti fara mọ́ àṣẹ ọ̀gá ọkọ̀, torí pé kò tíì bẹ́ sínú òkun. Ó tún bi wá pé mẹ̀kúnnù tí kò gbọ́ èdè ibòmíràn, tó ń jẹ owó iṣẹ́ òòjọ́, ṣé a lè ní tọkàntọkàn pé ó lómìnira láti kúrò nílùú rẹ̀?

Ìyá_Ìbejì_Òdogúnyàn

Èmi ò sùn wọ ọkọ̀ o, sà. Owó ilé ọdún méjì ni mo san sílẹ̀, ojú mi là kedere! Ibo lẹ fẹ́ kí n kó lọ?

Ọmọ_Ìta_Ẹlẹ́wà

Ìyá Ìbejì, ẹ san án. Hobbes ní ìlérí téèyàn ṣe nítorí ìbẹ̀rù náà ṣì múlẹ̀. Ẹ rí i pé ẹrú ọba ni mo pè é.

Lọ́yà_Sábò

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni iṣẹ́ òòjọ́ mi, ibẹ̀ ni Locke sì ti máa ń bí mi nínú. Ohun tó jẹ́ kó lè sọ pé ìjọba kò gbọ́dọ̀ kọjá ààyè ni pé dúkìá ti wà kí ìjọba tó dé. Báwo ló ṣe wà? Ó ní ilẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ayé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ mi jẹ́ tèmi. Tí mo bá ti da iṣẹ́ ọwọ́ mi pọ̀ mọ́ ilẹ̀, tí mo ro ó, tí mo gbìn ín, ó ti di tèmi láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, níwọ̀n ìgbà tí èyí tó dára tó bẹ́ẹ̀ bá ṣì kù fún àwọn yòókù.

Ẹ gbé ìyẹn wá sí ẹ̀bá Ìmọ̀ta. Ìdílé kan ní bàbá ńlá àwọn ló ṣán igbó ibẹ̀. Ìdílé kejì ti ń gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń rántí. Ẹnì kẹta ra á lọ́wọ́ ìdílé àkọ́kọ́, ó ti fi bíríkì kọ́lé dé ìloro. Iṣẹ́ ọwọ́ ta ló wà nínú ilẹ̀ yẹn? Gbogbo wọn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì gbàgbọ́ tọkàntọkàn pé àwọn kò purọ́. Kò sí ojúsàájú tí adájọ́ fẹ́ mú kúrò níbẹ̀. Òdiwọ̀n gan-an ni kò sí. Ní ti pé kí èyí tó dára tó bẹ́ẹ̀ ṣì kù fún àwọn yòókù, ẹ lọ wá a ní Ìkòròdú.

Ohun tí òfin wa ṣe jọ ti Hobbes ju ti Locke lọ. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà kó máa tọ́jú rẹ̀ fún àwọn ará ìlú. Nígbà tí èyí kò dá àwọn ajagungbalẹ̀ dúró, Ìpínlẹ̀ Èkó tún ṣòfin mìíràn ní 2016 tó sọ fífi tipátipá gba ilẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá rò pé tirẹ̀ ni, kó lọ sílé ẹjọ́.

Ẹ má sì gbàgbé pé Locke tó ń sọ̀rọ̀ òmìnira yìí ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń kó àwa èèyàn dúdú lẹ́rú láti etíkun wa. Ó sì lo ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ yẹn láti fi hàn pé ilẹ̀ tí àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà kò ro bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ro ó, ilẹ̀ òfìfo ni. Nígbà tó ní "gbogbo èèyàn", mo máa ń béèrè pé àwọn wo?

Fẹ́mi_Àgríìkì

Lọ́yà ti ṣílẹ̀kùn fún Rousseau! Ní 1755 ló sọ ọ́ pé ẹni àkọ́kọ́ tó sọgbà yí ilẹ̀ ká, tó ní "tèmi nìyí", tó sì rí àwọn òpè tó gbà á gbọ́, òun gan-an ló dá àwùjọ tí à ń pè ní ọ̀làjú sílẹ̀. Ẹ ò rí i pé gbogbo ìjà yìí láti orí ọgbà ni? Rousseau ní ká wó ọgbà, ká padà sí bí a ṣe wà. Èèyàn dára, ìjọba ló bà á jẹ́.

Tísà_Fẹ̀yìntì_Ìjẹ̀dé

Fẹ́mi, o bẹ̀rẹ̀ dáadáa, o ṣubú lápá ìparí. Má bínú, ẹni ńlá ti ṣubú níbẹ̀ ṣáájú rẹ. Voltaire, òǹkọ̀wé ará Faransé, ka ìwé yẹn, ó kọ lẹ́tà sí i pé ó ń wu òun láti máa fi ẹsẹ̀ mẹ́rin rìn. Rousseau kò sọ pé ká padà. Ó ní kò ṣeé ṣe.

Ìdáhùn fún ìbéèrè ọmọ wa láti Ìgbógbó nìyí o. Èèyàn ìpìlẹ̀ tí Rousseau ń sọ kò dára bí àwa ṣe ń pe ènìyàn rere. Ó dá wà, ohun méjì ló wà lára rẹ̀: kó tọ́jú ara rẹ̀, àti kí àánú ṣe é tó bá rí ẹ̀dá mìíràn nínú ìrora. Kò mọ rere, kò mọ búburú. Ẹ̀sùn tó fi kan Hobbes ni pé ó mú èèyàn tó ti gbé láàárín ẹgbẹ́, tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo tẹni tí wọ́n fi ń wọn ti ara wọn, tó ti mọ ìgbéraga àti ojúkòkòrò, ó wá pè é ní bí a ṣe dá èèyàn. Wíwá iyì, ìkẹta nínú ohun tí Hobbes kà, kò lè sí lọ́kàn ẹni tó dá gbé nínú igbó. Ta ló fẹ́ fi hàn?

Láti ìgbà tí a ti ń gbé pọ̀ ni a ti ń wọn ara wa, ìgbà tí ilẹ̀ sì wá ní ọgbà, ó tún le sí i. Olówó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù, torí òun ló ní ohun tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá pe àwọn tálákà, ó ní ẹ jẹ́ ká para pọ̀, ká ṣòfin tó máa dáàbò bo aláìlágbára. Gbogbo wọn sá wá, wọ́n rò pé òmìnira ni. Lójú Rousseau, àdéhùn tí Hobbes àti Locke ń yìn nìyẹn: ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ olówó. Ìdí tí a fi nílò ìjọba ni pé ara wa ti yí padà, a kò sì lè yí i padà sẹ́yìn. Ohun tó kù ni ká wá àdéhùn tí kò ní ẹ̀tàn nínú. Èyí ló kọ ní 1762: kí oníkálukú fi ara rẹ̀ fún gbogbo wa, kó má fi ara rẹ̀ fún ẹnì kankan. Òfin tí gbogbo wa jọ ṣe, tó sì kan gbogbo wa bákan náà, òun nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti pàṣẹ. Ó ní àwọn Gẹ̀ẹ́sì rò pé àwọn lómìnira, ọjọ́ ìdìbò nìkan ni, tí wọ́n bá ti dìbò tán wọ́n ti di ẹrú. Wọ́n dáná sun ìwé náà ní Jẹ̀nífà, ìlú rẹ̀.

Lọ́yà_Sábò

Tísà, ẹ má kàn yìn ín bẹ́ẹ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá kọ̀ láti tẹ̀lé ìfẹ́ gbogbogbò, wọ́n á fi tipátipá mú un di olómìnira. Mo ti rí oríṣiríṣi ìjọba tó ń fi ọ̀rọ̀ "gbogbo wa" bo ara rẹ̀. Ta ló ń sọ ohun tí gbogbo wa ń fẹ́? Hobbes á ní ẹni tó bá ń sọ ọ́ ni aláṣẹ, a sì ti padà sí ilé.

Tísà_Fẹ̀yìntì_Ìjẹ̀dé

Ó ní ìfẹ́ gbogbogbò kì í ṣe àròpọ̀ ohun tí kálukú ń fẹ́ fún àpò ara rẹ̀. Mo gbà pé kò sọ fún wa bí a ṣe máa dá méjèèjì mọ̀ nígbà tí ìlú bá tóbi. Ìlú kéékèèké bíi Jẹ̀nífà ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìgbógbó

Ó ti ń yé mi, sà. Tí mo bá kọ ọ́ pé ìbẹ̀rù ni ìdí tí Hobbes fi gbà ìjọba, ojúsàájú ni ti Locke, àìdọ́gba ni ti Rousseau, ṣé wọ́n á fún mi ní máàkì?

Tísà_Fẹ̀yìntì_Ìjẹ̀dé

Wọ́n á fún ọ. Ṣùgbọ́n kọ ọ̀rọ̀ làákàyè tí mo sọ nípa orí 5 yẹn pẹ̀lú, kì í sábà sí nínú ìwé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ.

Fẹ́mi_Àgríìkì

Ìyá Ìbejì, Rousseau gbè yín o. Ìpàdé tí àwọn onílé nìkan ṣe, tí ayálégbé kò lóhùn níbẹ̀, kì í ṣe òfin lórí yín. Ẹ má san.

Lọ́yà_Sábò

Ẹ má gbọ́ ti Fẹ́mi, mà. Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé àdéhùn ilé yín bóyá owó àdúgbò wà níbẹ̀. Tí kò bá sí, títì tí wọ́n ti géètì mọ́ yín jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n ọlọ́dẹ yẹn kì í yọ ilé tiyín sílẹ̀ tó bá ń yí po lóru.

Ìyá_Ìbejì_Òdogúnyàn

Ọlọ́dẹ wo? Láti aago méjì òru ló ti ń hanrun lẹ́bàá géètì! Tísà, ẹ ní Hobbes sọ pé ìgbọràn kò ju ìgbà tí ààbò bá wà. Ọjọ́ Àìkú ni ìpàdé wọn. Mo ń lọ, àwa ayálégbé mẹ́rin la jọ ń lọ.

Ọmọ_Ìta_Ẹlẹ́wà

Ẹ wá sọ bó ṣe lọ o, mà. Mo ṣì ń dúró de èsì Tísà lórí Gáà.